Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹgbẹ́ oníṣòwò ọjà wa: ta ló ń jẹ naira 22 náà?

Ìyálọ́jà wa, Bàbálọ́jà, akọ̀wé ẹgbẹ́ àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kú ọjà o. Ajé á wọ igbá.

Mo ti ka ìwé tí ẹ gbé wá sílé mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, èyí tí ẹ fẹ́ kí gbogbo wa fọwọ́ sí kí ẹ tó gbé e lọ bá mánéjà báńkì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. N kò tíì fọwọ́ sí i. Mo sì ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nídìí ẹ̀rọ ìlọta, pé nítorí tí mo fi ọdún 17 jẹun lọ́dọ̀ báńkì, ẹnu mi ò lè gbà á láti bá wọn wí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi pe akọ̀wé sí kọ̀rọ̀. Mo kọ èsì mi síta kí tọmọdé tàgbà ọjà lè kà á.

Gbólóhùn kan ló gbé ìwé yín dúró. Ẹ ní báńkì ń fún wa ní naira 8 lórí 100 tí a bá tọ́jú sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń gba naira 30 lórí 100 tí a bá yá, "ó sì ń jẹ naira 22 tó kù." Apá kìíní gbólóhùn yẹn kò ní àbùkù. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Báńkì Àpapọ̀ dín èlé ìpìlẹ̀, tí gbogbo èlé ìyókù ń wojú rẹ̀, láti 27.50 sí 27 lórí 100. Àṣẹ tó sì wà nílẹ̀ láti oṣù Kẹjọ 2022 ni pé èlé orí séfíǹsì kò gbọdọ̀ kéré sí ìdá 30 nínú 100 iye yẹn. Ẹ ṣírò rẹ̀, 8.1 ni. Ẹ̀yáwó tí wọ́n ń fún àwa ọlọ́jà náà, bí ó bá wà ní 30, ẹ dúpẹ́. Àlàfo náà wà lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tí n kò lè bá yín fọwọ́ sí ni "jẹ" yẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ alájọ wa. Ẹni tó bá ń dá 1,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31, 30,000 ni yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Alájọ á mú ti ọjọ́ kan. Kò sí èlé níbẹ̀ rárá, àwa gan-an là ń sanwó fún un kó lè bá wa tọ́jú owó wa. Ẹnikẹ́ni kò pè é lólè, nítorí a mọ iṣẹ́ tó ń ṣe: ó ń rìn kiri nínú oòrùn, ó ń kọ káàdì, ó sì ń ru ewu owó lórí láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Iṣẹ́ báńkì ni a kò rí, torí ẹ̀yìn gíláàsì ni wọ́n ti ń ṣe é. Èmi wà lẹ́yìn gíláàsì yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i sílẹ̀ fún yín.

Ká ní mílíọ̀nù kan naira ni gbogbo wa kó sí báńkì náà. Kí òṣìṣẹ́ kankan tó ronú ẹni tí wọn yóò yá, 450,000 ti jáde. Báńkì Àpapọ̀ ló ń gba ìdá 45 nínú 100 owó tí àwọn báńkì onísòwò bá gbà lọ́wọ́ aráàlú, tó ń tì í mọ́ ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Kì í ṣe owó orí, orúkọ báńkì ṣì wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n báńkì kò lè fọwọ́ kàn án, wọn kò sì san kọ́bọ̀ èlé lórí rẹ̀ fún un. Ohun tí Báńkì Àpapọ̀ ń wá ni pé kí owó má pọ̀ jù lóde, kí ọjà má baà máa gbówó lórí, kí naira má sì sáré tẹ̀lé dọ́là. Ṣáájú oṣù Kejì 2024, 32.5 ni, wọ́n gbé e sí 45, ó di 50 nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, kí wọ́n tó dá a padà sí 45 ní 2025.

Bí ó bá jẹ́ tòmátò ni, a jẹ́ pé ẹ gba apẹ̀rẹ̀ 20 ní àwìn láti òkè Ọya. Nígbà tí ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọjà, wọ́n ní kí ẹ já 9 sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ tà á. Ẹni tó fún yín ní àwìn kò bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà, owó apẹ̀rẹ̀ 20 ló ń retí. Èló ni ẹ ó wá ta 11 tó wọlé?

Ó ku 550,000. Òfin mìíràn wà tó ní kí báńkì fi ìdá 30 nínú 100 owó aráàlú sí ibi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o, ìyẹn owó tútù tàbí ìwé gbèsè ìjọba onígbà kúkúrú, èyí tí a ń pè ní tírẹ́ṣọ̀rì bíìlì. Ká ní 50,000 wà nínú ẹ̀rọ tó ń pọ owó àti lọ́wọ́ àwọn kaṣíà, 250,000 sì wà nínú tírẹ́ṣọ̀rì. Èyí tó wá kù fún ọlọ́jà láti yá nínú odidi mílíọ̀nù kan kò ju 250,000 lọ. Ìdámẹ́rin ni. (Mo ti yọ owó àwọn tó ni báńkì fúnra wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ìṣirò má baà lọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.)

Ní ti ohun tí báńkì ń san, ibí ni ìwé yín ti ṣì í jù. Ẹ mú èlé séfíǹsì nìkan, ẹ ṣe bí ẹni pé gbogbo owó báńkì wá láti ibẹ̀. Owó inú báńkì jẹ́ oríṣi mẹ́ta. Kọ́rẹ́ǹtì wà, tí wọ́n kì í sábà san nǹkan kan lé lórí. Séfíǹsì wà. Fíkísì sì wà, èyí tí olówó ńlá ń dè mọ́ oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, tó máa ń ná èlé rẹ̀ bí ẹni ń ná aṣọ. Bí mílíọ̀nù kan yẹn bá jẹ́ fíkísì pátá ní 16 lórí 100, 160,000 ni báńkì yóò san lọ́dún. 500,000 péré ló sì ń mówó wọlé fún un. Kó tó san owó oṣù ẹnikẹ́ni, owó yẹn ní láti mú 32 wá lórí 100 kí báńkì má baà wọ gbèsè. Báńkì tó bá wà nípò yẹn kò lè yá yín ní 30.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọbìnrin báńkì fi ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ tí wọ́n ń bẹ̀ yín pé kí ẹ wá ṣí akáǹtì. Owó kọ́rẹ́ǹtì yín ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ẹ̀rín yín. Ká wá ní 400,000 jẹ́ kọ́rẹ́ǹtì, 300,000 jẹ́ séfíǹsì, 300,000 sì jẹ́ fíkísì ní 16. Kọ́rẹ́ǹtì kò gba nǹkan kan. Séfíǹsì yóò gba 24,300, fíkísì yóò gba 48,000. Àpapọ̀ èlé tó jáde lọ́dún jẹ́ 72,300.

Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó wọlé. 250,000 tí wọ́n yá ọlọ́jà ní 30 mú 75,000 wá. Tírẹ́ṣọ̀rì 250,000, bí ó bá wà ní 17, mú 42,500 wá. Ìyẹn jẹ́ 117,500. Ẹ yọ 72,300 kúrò, ó ku 45,200. Èyí ni àwọn tó mọ ìwé báńkì kà ń pè ní àṣẹ́kù èlé: èlé tó wọlé, a yọ èlé tó jáde. Wọ́n á wá pín in sórí owó tó ń mówó wọlé, ìyẹn 500,000, yóò sì fún wọn ní 9.04 lórí 100.

Ẹ wò ó. Naira 22 tí ẹ kọ sínú ìwé ti di 9. Bí ẹ bá sì pín in sórí odidi mílíọ̀nù kan tí a kó fún wọn, tí ẹ kò gbàgbé èyí tó wà ní àtìmọ́lé, 4.52 ni. Iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ òótọ́, báńkì kan náà ni gbogbo wọn sì ń sọ nípa rẹ̀. Ẹ fọkàn sí èyí bí ẹ bá gbé ìwé ìṣirò ọdọọdún tí àwọn báńkì ń tẹ̀ jáde lọ́wọ́. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń fi yangàn níwájú àwọn tó ra ìpín nínú báńkì ni ti owó tó ń ṣiṣẹ́ nìkan. Owó àtìmọ́lé kò sí lábẹ́ ìpín náà, nítorí náà ó máa ń sanra ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ yóò wá ibi tí wọ́n kọ èlé tó wọlé sí, yóò yọ èlé tó jáde, yóò sì pín èyí tó kù sórí gbogbo dúkìá báńkì. Ìṣirò ìdajì wákàtí ni.

A kò tíì dé orí gbèsè tó bàjẹ́. Àwọn àgbà inú wa yóò rántí Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ kiri oko àti ìlú, tí wọ́n ń tà á ní àwìn. Iye tí wọ́n ń ta àwìn kì í ṣe iye tí wọ́n ń ta ti ọwọ́-dọ́wọ́. Wọ́n mọ̀ pé nígbà tí àwọn bá padà dé, àwọn kan yóò ti sá wọ inú igbó, àwọn mìíràn yóò ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ìkórè kòkó. Olówó á wá ṣóṣòó sẹ́nu ọ̀nà gbèsè rẹ̀, ibẹ̀ sì ni orúkọ náà ti wá. Ẹni tó ń san ló ń bá ẹni tó sá lọ san. Kò dára, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni àwìn ṣe rí ní gbogbo ayé.

Nínú ìṣirò wa, bí báńkì bá yá ẹnì kan ní 100,000, ohun tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ nínú èlé lẹ́yìn tó ti san ti àwọn olówó jẹ́ nǹkan bí 9,040 lọ́dún. Bí ẹnì kan bá wá kó 100,000 sá lọ, àṣẹ́kù orí ẹni 11 ló gbé lọ yẹn. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, èmi ni mo ń lọ sílé àwọn tó sá. Mo ti jókòó nínú yàrá ẹnì kan rí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ìyàwó rẹ̀ se àmàlà fún mi, mo jẹ ẹ́, n kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ilé tó fi dógò wà níwájú mi, ṣùgbọ́n ìwé tó ní lórí rẹ̀ kò ju rìsíìtì tí mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ kọ fún un. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 sọ pé a kò lè fi ilẹ̀ dógò láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Gómìnà wo ni yóò fọwọ́ sí rìsíìtì? Àwa sì rèé nínú ọjà, ìsọ̀ tí a wà, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ohun tí mánéjà ń rò nínú ọkàn rẹ̀ nìyẹn nígbà tó bá ń rẹ́rìn-ín sí yín.

Ìyókù ìnáwó, n ó kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ báńkì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé ní 2009, tí ìjọba sì dá AMCON sílẹ̀ ní 2010 láti ra gbèsè tó bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn, gbogbo báńkì ló ń san ààbọ̀ naira lọ́dún lórí 100 naira dúkìá rẹ̀ fún àjọ náà. Nínú mílíọ̀nù wa, 5,000 nìyẹn. Owó ìdójútòfò wà fún NDIC, àjọ tí yóò san owó wa fún wa, tó fi dé mílíọ̀nù márùn-ún, bí báńkì bá dojú dé. Ká fi 3,000 síbẹ̀. Ká fi 20,000 sí owó oṣù, dísù, ẹ̀rọ àti ilé. Bí naira 4 nínú 100 tí wọ́n yá jáde bá bàjẹ́, ìyẹn jẹ́ 10,000. Èmi ni mo gbé àwọn iye mẹ́ta tó gbẹ̀yìn kalẹ̀ fún àpẹẹrẹ, báńkì kan yóò ju bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn kò ní tó o. Àpapọ̀ jẹ́ 38,000. Nínú 45,200, ó ku 7,200 kí wọ́n tó san owó orí.

Ẹ wá bá mi ṣe èyí tí mo ń tìtorí rẹ̀ kọ gbogbo eléyìí. Ká ní báńkì ya aláàánú, ó ní òun kò fẹ́ èrè kankan, ó ta gbogbo 7,200 náà lọ́rẹ fún àwọn tó yáwó. Lórí 250,000, kò tó naira 3 lórí 100. Èlé yín yóò bọ́ láti 30 sí bíi 27. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí ìwé tí ẹ kọ lè rí gbà lọ́wọ́ mánéjà, bó tilẹ̀ kúnlẹ̀ fún yín.

Ẹ fi èyí wé e: ká ní owó àtìmọ́lé padà sí 32.5 tó wà tẹ́lẹ̀. 125,000 yóò jáde. Bí báńkì bá fi gbogbo rẹ̀ kún ẹ̀yáwó, 375,000 ni yóò wà lóde. Kí èrè rẹ̀ má dín kọ́bọ̀, kí a sì bá a ka àfikún gbèsè tó lè bàjẹ́ mọ́ ọn, 80,000 ló nílò láti orí 375,000 yẹn. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 21 lórí 100. N kò sọ pé báńkì yóò gbé e sí 21 lọ́jọ́ kejì o. Níwọ̀n ìgbà tí èlé ìpìlẹ̀ bá ṣì ga, tí ìjọba sì ń yáwó lọ́wọ́ wọn láìsí wàhálà, wọ́n lè gbé e fún ìjọba. Ní 2024, tírẹ́ṣọ̀rì ọlọ́dún kan kọjá 20 lórí 100. Ta ló fẹ́ máa ṣóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọlọ́jà nígbà tí ìjọba ń san 20, tí kì í sá lọ?

N kò wẹ báńkì mọ́ o. Ibi tó ti ń rẹ́ wa jẹ wà, ìwé yín kàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé ìpìlẹ̀ sókè ní 2024, láti 18.75 dé 27.50. Nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, lẹ́tà àfikún èlé máa ń dé ọwọ́ ẹni tó jẹ gbèsè kí oṣù tó parí. Èmi fúnra mi ti fọwọ́ sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí, ìdì kan láàárọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí èlé bá sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó bá wá béèrè nìkan là ń dá lóhùn, ọ̀pọ̀ kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn béèrè. Àlàfo tó ń fẹ̀ láti ibẹ̀ kì í ṣe ti àtìmọ́lé, kì í ṣe ti gbèsè tó bàjẹ́. Ti ọwọ́ wọn ni. Bákan náà ni séfíǹsì: bí ẹ bá gbowó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín oṣù kan, èlé oṣù náà ti lọ. Ọlọ́jà wo ló ń gbowó lẹ́ẹ̀mẹrin péré lóṣù? Nítorí náà, naira 8 tí ẹ kọ, ọ̀pọ̀ nínú yín kò gbà á rí. Ọ̀fẹ́ ni owó yín wà lọ́dọ̀ wọn. Owó ṣáàjì tí wọ́n ń já lára wa, èmi kò tilẹ̀ kà á mọ́ àṣẹ́kù èlé, àpò ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Mo ní kí ẹ pín ìwé yín sí méjì. Èyí tó ń lọ bá mánéjà, ẹ yọ 22 kúrò nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ẹ̀yáwó pé iye ọjọ́ tí àfikún fi ń dé ọ̀dọ̀ wa ni àdínkù náà yóò fi dé. Ẹ ní kí wọ́n gba ẹ̀rọ ìlọta, fíríìsà àti ọjà inú ìsọ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìdógò. Òfin 2017 lórí dúkìá tó ṣeé gbé ti fàyè gba kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a ò nílò gómìnà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bá wọn ná owó ẹgbẹ́. Bí a bá fi mílíọ̀nù márùn-ún sùn sí kọ́rẹ́ǹtì, tí àwa gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ sì yá mílíọ̀nù 20, owó ọ̀fẹ́ yẹn ì bá gba 800,000 èlé lọ́dún lọ́wọ́ wọn bó bá jẹ́ fíkísì ní 16. 800,000 lórí mílíọ̀nù 20 jẹ́ naira 4 lórí 100. Mánéjà kankan kò ní lè sọ pé òun kò gbọ́ irú èdè yẹn, èdè tirẹ̀ ni. Ó lè ní kí a jẹ́ kí àtìmọ́lé gba ìpín tirẹ̀ nínú 4 náà. Ẹ jẹ́ kó bá yín fà á, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ 2.

Ìwé kejì, Báńkì Àpapọ̀ Àbújá ni yóò lọ. Ní 2018, wọ́n ṣí ọ̀nà kan sílẹ̀ tí báńkì fi lè mú lára owó àtìmọ́lé rẹ̀ láti yá àwọn oníṣẹ́ àgbẹ̀ àti àwọn tó ní iléeṣẹ́ ní 9 lórí 100, fún ọdún méje ó kéré tán. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwa tí a ń lọ àgbàdo, tí a ń yan gaàrí, tí a ń fún epo, iṣẹ́ ọwọ́ ni tiwa náà. Kí wọ́n ṣí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀yáwó tí kò ju mílíọ̀nù méjì lọ.

Mo ti kọ àpẹẹrẹ ìwé méjèèjì sínú ìwé ìdánrawò kan. Ọ̀dọ̀ ìyá aláṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ akọ̀wé ni mo fi sí. Bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀, mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀ láti fọwọ́ sí i.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá báńkì àná, tó ń ta ìwé àti bírò ní ìsọ̀ 14.